Owó Oṣooṣù, Rírà Lẹ́ẹ̀kan, tàbí Ọ̀fẹ́ pẹ̀lú Ìpolówó: Èwo Ló Yẹ Ilé-iṣẹ́ Géèmù Kékeré?

Ẹ jẹ́ ká mú ilé-iṣẹ́ ẹlẹ́ni méjì kan tó ṣe géèmù ayò ọlọ́pọ́n fún fóònù Android, tó sì fẹ́ gbé e sórí Google Play. Ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ni pé áàpù tí a bá ti gbé síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kò ṣeé sọ di èyí tí ènìyàn gbọ́dọ̀ rà mọ́, àfi kí a gbé òmíràn jáde gẹ́gẹ́ bí áàpù tuntun, tí àwọn tó ti gba ti àkọ́kọ́ kò sì ní bá a lọ. Èyí tí à ń tà ni a lè sọ di ọ̀fẹ́ nígbàkigbà. Nítorí náà, ìṣirò ni kí ó ṣáájú.

Ká ní wọ́n ń ta géèmù náà ní dọ́là 2 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lábẹ́ ètò tí Google bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2021, ìdá 15 nínú 100 ni wọ́n ń yọ lórí mílíọ̀nù dọ́là àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ bá pa lọ́dún, èyí tó túmọ̀ sí pé dọ́là 1.70 ló máa kù lórí olùrà kọ̀ọ̀kan.

Ti ìpolówó kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí iye ìgbà tí ìpolówó bá hàn ni wọ́n ń sanwó lé lórí. Ká ní ìgbà 1,000 ń mú dọ́là 1 wá (iye yìí máa ń yàtọ̀ gan-an láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ti Nàìjíríà kì í sì í tó ti Amẹ́ríkà). Ẹni tó bá rí ìpolówó márùn-ún lójúmọ́ fún ọjọ́ 10, tó sì pa géèmù náà tì, sẹ́ǹtì 5 péré ló mú wá. Ẹni 34 bẹ́ẹ̀ ló tó olùrà kan. AdMob, ètò Google tó ń gbé ìpolówó sínú áàpù, kì í sì í sanwó jáde títí owó yóò fi pé dọ́là 100, ìyẹn ẹni 2,000.

Owó oṣooṣù dọ́là 1 máa ń fani mọ́ra, torí oṣù méjì péré ló máa fi bá rírà lẹ́ẹ̀kan dọ́gba. Ṣùgbọ́n ayò tí ènìyàn ń bá fóònù rẹ̀ ta kò ní ohun tuntun tí yóò mú un sanwó ní oṣù kẹta, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ káàdì kì í ní owó nínú lọ́jọ́ tí owó tuntun bá tó san. Àyàfi bí ilé-iṣẹ́ náà bá ń ṣe ìdíje láàárín àwọn ọ̀tayò lórí ayélujára, mi ò ní gbà wọ́n níyànjú láti gbà á.

Èyí tí mo fara mọ́ ni ọ̀fẹ́ pẹ̀lú ìpolówó, kí ẹni tí kò bá fẹ́ ìpolówó sì lè san dọ́là 2 lẹ́ẹ̀kan nínú áàpù náà láti mú un kúrò. Kí ìpolówó máa wá lẹ́yìn tí ọ̀pọ́n bá parí, kì í ṣe láàárín ọ̀pọ́n. Bí àwọn tó padà wá ní ọjọ́ kejì bá dín kù ní kété tí ẹ fi ìpolówó kún un, ẹ ti fi pọ̀ jù.