VoLTE lórí fóònù tuntun àti lórí tòkunbọ̀: ohun tí mo rí nípa ohùn HD

Mo ti ń lo VoLTE, ìyẹn ìpè tó ń gba orí 4G kọjá, fún bí ọdún kan báyìí. Ó wù mí débi pé n kò fẹ́ padà sí ìpè àtijọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń ra fóònù torí pé wọ́n kọ HD Voice, ìyẹn ohùn ìpè tó mọ́ gaara, sára páálí rẹ̀, tí wọ́n á délé tí ohùn kò ní yàtọ̀ rárá. Wọ́n á ní wọ́n lu àwọn ní jìbìtì. Kì í ṣe jìbìtì. Fóònù tó mọ̀ ọ́n ṣe kò lè dá a ṣe, nẹ́tíwọ̀kì tó mọ̀ ọ́n ṣe náà kò lè dá a ṣe. Àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ jọ fẹnu kò, ẹni tí ẹ sì ń pè gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀ lọ́wọ́.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo ń ṣe ní Ṣómólú. Káàdì ìgbéyàwó àti ìwé ètò ìsìnkú ló pọ̀ jù níbẹ̀, orúkọ ló sì kún inú wọn. Àwọn oníbàárà á pè mí, wọ́n á máa ka orúkọ mọ̀lẹ́bí fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Fọlá, Sọlá, Ṣọlá: lórí ìpè àtijọ́, mo máa ń ní kí wọ́n tún un pè, n ó sì tún ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ kí ọkàn mi lè balẹ̀. Lórí ìpè HD, mo ń gbọ́ f, mo ń gbọ́ s, mo ń gbọ́ ṣ, ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ gedegbe.

Ìdí rẹ̀ ni pé ìpè àtijọ́ kì í gbé gbogbo ohùn èèyàn. Hz ni wọ́n fi ń wọn bí ìró ṣe ga tó. Ìró tó wà láàárín 300 Hz sí 3400 Hz nìkan ló ń gbà kọjá, ó ń gé ìyókù dànù. Ti HD bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 50 Hz, ó sì dé 7000 Hz. Èyí tó pọ̀ jù nínú agbára s wà lókè 4000 Hz, nítorí náà ibi tí wọ́n ti gé e gan-an ni s ń gbé. Ti ṣ bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ díẹ̀, òun ṣì ń rí àyè yọjú. Ní ti f, afẹ́fẹ́ lásán tí kò lágbára ni, bí wọ́n bá sì ti gé òkè kúrò, òun àti s á di nǹkan kan náà létí. Ẹnì kan bi mí bóyá àmì ohùn wa, dò-rè-mí, kò ní sọnù nígbà tí wọ́n bá gé ohun tó wà nísàlẹ̀ 300 Hz, torí ibẹ̀ ni ìpìlẹ̀ ohùn ọ̀pọ̀ nínú wa wà. Kò sọnù. Àwọn ìró mìíràn tó ń bá ìpìlẹ̀ náà rìn lókè ṣì ń kọjá, etí wa sì ń ti ara wọn mọ bí ohùn ṣe ń lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Kọ́ńsónáǹtì ni ìpè àtijọ́ ń bà jẹ́ fún wa.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé kì í ṣe dátà ló pọ̀ sí i. Kódẹ̀kì ni wọ́n ń pe ọ̀nà tí fóònù ń gbà di ohùn kó tó rán an lọ. Ti àtijọ́, AMR, ń lo kílóbíìtì 12.2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tó bá dára jù lọ. Ti HD, AMR-WB, sábà máa ń lo 12.65. Ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Ọgbọ́n dídì ló dára sí i, ẹni tí kò bá sì mọ bí wọ́n ṣe dì í kò lè tú u. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi gba kí apá méjèèjì gbọ́ èdè kan náà. Ẹ má sì rò pé VoLTE nìkan ló ń gbé HD o. Ọdún 2009 ni Orange kọ́kọ́ gbé ohùn HD jáde fún gbogbo èèyàn ní Mòlídófà, orí 3G sì ni, nígbà tí kò tíì sí VoLTE níbì kankan.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti fóònù méjì tí mo fi síìmù kan ṣoṣo dán wò. Mo ra ọ̀kan ní tuntun ní ṣọ́ọ̀bù níbí. Àbúrò mi mú èkejì bọ̀ láti Amẹ́ríkà, tòkunbọ̀ ni, orúkọ kan náà ló wà lẹ́yìn àwọn méjèèjì. Nínú sẹ́tíńgì ti tuntun, níbi tí ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ̀kì wà, mo rí bọ́tìnnì tí wọ́n kọ `VoLTE calls` sí. Mo tàn án, mo pe alábàáṣiṣẹ́ mi tó ń lo nẹ́tíwọ̀kì kan náà. Àmì 4G lókè kò yẹsẹ̀, fóònù rẹ̀ dún kíá, àmì HD sì yọ lójú fóònù mi bó ṣe gbé e.

Mo yọ síìmù náà, mo fi í sínú tòkunbọ̀. Bọ́tìnnì yẹn kò sí níbẹ̀ rárá. Bí mo ṣe tẹ nọ́ńbà, 4G di 3G, ó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ohùn náà sì rí bíi tàtijọ́. Ẹ fojú sí àmì yẹn dáadáa, òun ló ń sọ òótọ́. Fún dátà ni wọ́n ṣe 4G, kò ní ọ̀nà ìpè àtijọ́ nínú. Fóònù tí kò bá lè lo VoLTE gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí 3G tàbí 2G nígbàkígbà tó bá fẹ́ pe èèyàn. Bó bá jẹ́ orí 2G ló bọ́ sí, dátà á dúró títí ẹ ó fi sọ̀rọ̀ tán.

Kí ló dé tí fóònù kan náà fi ń hùwà méjì? Kí fóònù tó lè pe èèyàn lórí 4G, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ apá kan nínú nẹ́tíwọ̀kì tí wọ́n ń pè ní IMS. Nẹ́tíwọ̀kì kọ̀ọ̀kan ló ní ètò tirẹ̀. Àwọn tó ṣe fóònù ló ń kó ètò wọ̀nyẹn sínú rẹ̀, tí fóònù á fi wo síìmù kó tó mọ èyí tó máa lò. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà kó ètò àwọn ará Amẹ́ríkà sínú. Ó rí síìmù Nàìjíríà, kò bá ètò tirẹ̀ níbẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn VoLTE pa. Kò sí ohun tó ṣe irin inú fóònù náà.

Ẹ lè fojú ara yín rí i. Ẹ tẹ èyí bí ẹni fẹ́ pe èèyàn:

```
*#*#4636#*#*
```

Bó bá ṣí, ẹ lọ síbi `Phone information`, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lókè, kí ẹ sì yan `IMS Service Status`. Lórí fóònù tuntun mi, ó kọ `Registered`, ó sì kọ `Available` sí ẹ̀gbẹ́ `Voice over LTE`. Lórí tòkunbọ̀, `Not Registered` àti `Unavailable` ni. Àwọn fóònù kan kì í ṣí kóòdù yìí; lórí irú wọn, àmì 4G tó dúró tàbí tó yí padà ni kí ẹ máa wò.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan. Nígbà tí AT&T pa 3G wọn ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kejì ọdún 2022, wọ́n tẹ orúkọ àwọn fóònù tó lè máa pe èèyàn nìṣó lórí nẹ́tíwọ̀kì wọn jáde. Fóònù mìíràn wà tó ń lo VoLTE ní ilẹ̀ òkèèrè láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n bí kò bá ti sí lórí ìwé yẹn, kò lè pe èèyàn lórí AT&T mọ́. Nílé níbí, nígbà tí ntel bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016, 4G nìkan ni wọ́n ní, kò sí 2G tàbí 3G tí fóònù lè sọ̀ kalẹ̀ sí. Fóònù tí kò bá lè bá VoLTE wọn ṣiṣẹ́ á lo dátà dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní rí ọ̀nà pe èèyàn bí a ṣe ń pe èèyàn.

Apá ti nẹ́tíwọ̀kì náà ní ìṣòro tirẹ̀. Síìmù mi àtijọ́ kì í ṣe ti 4G, mo ní láti lọ pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tún ní láti ṣí VoLTE fún nọ́ńbà mi lọ́dọ̀ wọn, kí n tó lè rí i lò.

Ní ti ẹni tí ẹ ń pè, fóònù méjèèjì máa ń kọ́kọ́ dúnàádúrà kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Fóònù tèmi á to kódẹ̀kì tó gbọ́ kalẹ̀, èyí tó fẹ́ jù á ṣíwájú:

```
a=rtpmap:104 AMR-WB/16000
a=rtpmap:102 AMR/8000
```

16000 àti 8000 yẹn ni iye ìgbà tí wọ́n ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá jẹ́ ti ìsàlẹ̀ nìkan ni apá kejì gbọ́, ìsàlẹ̀ ni àwa méjèèjì máa lò. Ìyá kan tó máa ń gbé iṣẹ́ fún mi ń lo fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì. Bí mo bá pè é, àmì 4G tèmi kì í kúrò, ṣùgbọ́n HD kì í yọ, s àti f á sì tún dàpọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń rí fún mi bí mo bá pe ẹni tó wà lórí nẹ́tíwọ̀kì mìíràn, kódà bí fóònù rẹ̀ bá dára ju tèmi lọ. Níbi tí nẹ́tíwọ̀kì méjì ti pàdé, ọ̀nà àtijọ́ onígbà 8000 ni wọ́n ṣì sábà máa ń fi gbé ohùn fún ara wọn. Ohun tí wọ́n bá ti gé dànù níbẹ̀, kò sí fóònù tó lè dá a padà.

Ẹ tún ṣọ́ra fún gbohùngbohùn etí oní-Bluetooth. Èyí tó jẹ́ ti ayé àtijọ́ ń wọn ohùn ní ìgbà 8000, ìpè HD yín á sì di ìpè lásán kó tó dé etí. Mo yọ tèmi lójú ìpè, mo gbé fóònù sétí, ohùn náà là lójú ẹsẹ̀.

Wọ́n á ní kí ló dé tí n kò kúkú lo WhatsApp. Mo ń lò ó. Ápù kan náà ló wà lọ́wọ́ àwa méjèèjì, nítorí náà kò nílò kí nẹ́tíwọ̀kì gbọ́ kódẹ̀kì kankan. Ṣùgbọ́n orí dátà gbogbo ayé ló ń gbà. Nírọ̀lẹ́ tí èrò bá pọ̀ lórí nẹ́tíwọ̀kì, á máa já, á máa gé ọ̀rọ̀. Nẹ́tíwọ̀kì máa ń ya ọ̀nà pàtàkì sọ́tọ̀ fún ìpè VoLTE, ohun tí ẹlòmíràn ń wò lórí fídíò kì í sábà dí i lọ́wọ́. Fún oníbàárà tó fẹ́ ka orúkọ ogún èèyàn fún mi, VoLTE ni mo yàn, bí a bá jọ wà lórí nẹ́tíwọ̀kì kan náà.

Bí ẹ bá ń lọ ra fóònù, pàápàá tòkunbọ̀, ẹ mú síìmù yín dání. Ẹ fi sínú rẹ̀ níwájú ẹni tó ń tà á, ẹ wá bọ́tìnnì VoLTE, kí ẹ sì pe ẹnì kan tó wà lórí nẹ́tíwọ̀kì yín tí ẹ mọ̀ pé fóònù rẹ̀ ń gbé HD. Bí 4G bá yí padà nígbà tí ẹ tẹ nọ́ńbà, ẹ dúnàádúrà owó rẹ̀ bíi ti fóònù tí kò ní VoLTE.