Ẹ ṣọ́ra fún oníṣòwò tòkunbọ̀ kan l'Àkúrẹ́, irọ́ ni mítà rẹ̀ ń pa

Ẹ̀yin ará, inú ń bí mi gan-an ni! Ọkùnrin kan lójú ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀wọ̀ ta Kòrólà kan fún mi ní ₦4,200,000. Ó ní ìyá àgbà kan l'Amẹ́ríkà ló lò ó, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tíì rìn ju 84,000 máílì lọ. Ó nawọ́ sí mítà: "Bọ̀dá, ẹ wò ó fúnra yín." Lóòótọ́, 84,000 ló wà níbẹ̀. Mo kówó lé e lọ́wọ́, ó kọ rìsíìtì: "Kòrólà kan, bí ẹ ṣe rí i." Kò kọ máílì kankan síbẹ̀.

Ọmọ tó ń fọ mọ́tò ló rí i. Bébà pélébé kan wà ní igun ilẹ̀kùn awakọ̀, eruku ti bò ó. Àwọn tó pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ l'Amẹ́ríkà ló lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀: kó padà wá ní 163,000 máílì. 163,000! Ẹ gbà mí o! Wọ́n ti yí mítà padà!

Mo padà lọ, kò tilẹ̀ tijú. "Ṣé mo kọ ọ́ sí rìsíìtì ni? Ẹ ò bá mú mekaníìkì dání." Mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà fẹ́ bi mí ìdí tí n ò fi mú un dání. Ta ló ní ẹlòmíì ń kówó bọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn? Òun náà ni!

Lọ́yà kan ní Alágbàka ló là á yé mi. Kóòtù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ láti 1881 pé ẹni tó parọ́ kò lè ní "o ò bá yẹ̀ ẹ́ wò." "Bí ẹ ṣe rí i" náà kò lè bo irọ́ tó mọ̀ọ́mọ̀ pa. "Ẹ ó gbádùn rẹ̀" ni ìpolówó lásán, iye máílì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1965, oníṣòwò kan ní ẹ́ńjìnnì mọ́tò òun rin 20,000 máílì, ó sì ti rin nǹkan bí 100,000. Kóòtù ní iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ di ara àdéhùn, ó sì gbọ́dọ̀ san owó àdánù fún olùrà. Ní 1957 ẹ̀wẹ̀, ẹnì kan tí kì í ṣe oníṣòwò pe mọ́tò 1939 ní ti 1948, nítorí ìwé mọ́tò tí wọ́n ti yí ló gbára lé. Kóòtù ní ìyẹn kò wọnú àdéhùn.

Ṣùgbọ́n irọ́ tó fà yín wọlé, bí kò tilẹ̀ wọnú àdéhùn, ẹ lè dá ọjà padà kẹ́ ẹ gba owó yín, kódà bí olùtà kò mọ̀ pé irọ́ ni. Bó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pa á, ẹ lè gba owó àdánù lé e.

Ohun tí lọ́yà kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé mo ti wa mọ́tò náà látìgbà tí mo ti mọ̀. Bí ẹ bá mọ̀ tán tí ẹ ṣì ń gùn ún káàkiri, tàbí ẹ jẹ́ kó pẹ́, ó lè dà bíi pé ẹ ti gbà á bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní lè dá a padà mọ́. Kíá ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí i. Ẹ tọ́jú ọ̀rọ̀ Wasáàpù. Ẹ ní kó kọ máílì sórí rìsíìtì, bó bá kọ̀, ẹ máa lọ.

Ìwé tèmi ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èmi ò tún gba oníṣòwò mọ́tò kankan gbọ́ mọ́, ẹ̀yin náà ẹ má gbà wọ́n gbọ́.