Aago àbí ìka: èwo lẹ fi ń mọ̀ pé fúláwà búrẹ́dì ti wú tó?

Àwọn tó ń wo aago á ní wákàtí kan ti pé, ó yá, ẹ gbé e sínú ófùn. Ó rọrùn lóòótọ́, àmọ́ yíìsì ò mọ aago o, ooru ló mọ̀. Fúláwà tó wú ní ìṣẹ́jú 45 nínú ooru oṣù kẹta lè gba wákàtí kan àbọ̀ lásìkò ọyẹ́, aago yìí náà ni mo tẹ̀ lé lọ́yẹ́ ọjọ́ kan, búrẹ́dì yẹn wúwo lọ́wọ́, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ki, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sì ya.

Ìka ni mo fara mọ́ jù. Ẹ fi fúláwà gbígbẹ díẹ̀ ra ìka, kẹ́ ẹ rọra fi tẹ èyí tẹ́ ẹ ti pò sínú páànù. Tó bá ta padà kíá, kò tíì wú tó, ẹ ní sùúrù. Tó bá ń rọra padà tójú ibẹ̀ ṣì jin díẹ̀, ẹ yan án. Tí ò bá padà rárá, tó tún ń rọ̀ sílẹ̀, ó ti wú jù nìyẹn, ẹ tẹ afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde, ẹ ká a padà, kó tún wú, kì í pẹ́ tó ti àkọ́kọ́.

Búrẹ́dì tó ti jinná tó sì ki, kò ṣeé tún wú mọ́, ẹ gé e pẹlẹbẹ kẹ́ ẹ yan án gbẹ.