Mo fi Demucs yọ ohùn ìyá àgbà wa kúrò lábẹ́ orin

Fídíò kan ṣoṣo ló wà tí ìyá bàbá mi ti ń ki oríkì ìdílé wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìṣẹ́jú 11 ni. Níbi ìkómọ ọmọ àbúrò mi ní Àjàṣẹ́ Ìpo ni wọ́n ti yà á, ẹni tó yà á sì fi orin bò ó látòkè délẹ̀ kó lè dùn ún wò. Màmá ti di ará ọ̀run báyìí. Mo bi ayàwòrán náà bóyá èyí tí kò tíì fi orin sí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun ti pa á rẹ́ kí àyè lè wà fún iṣẹ́ ẹlòmíràn. Bí mo ṣe dé ìdí Demucs nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi lò ó nínú yàrá mi ní Tankẹ́, níbí ní Ìlọrin.

Ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ ni Demucs. Àwọn olùwádìí ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook ló ṣe é. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ ni pé kó pín orin sí ọ̀nà mẹ́rin: ìlù, béèsì, ohùn ẹnu, àti àwọn ohun èlò yòókù. Orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní sítúdíò ni wọ́n sì fi kọ́ ọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbàlagbà ní àgbàlá. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni gbogbo ohun tó ṣe dáadáa fún mi àti gbogbo èyí tí kò ṣe ti wá.

Mo kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe kan tó jẹ ọjọ́ méjì mi. Fídíò tí àǹtí mi fi ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù ni mo lò. Ohùn tó jáde dà bí ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi. Wọ́sáàpù máa ń fún fídíò pọ̀ kó lè fúyẹ́, àwọn ohùn tín-ín-rín tó wà lókè ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ sí i. Nígbà tí mo rí èyí tí ayàwòrán fún bàbá mi nínú fíláàṣì, tí mo tún un ṣe, omi yẹn lọ. Torí náà, kẹ́ ẹ tó fi ọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ wá fídíò tí kò tíì gba orí Wọ́sáàpù kọjá.

Mo fi ffmpeg yọ ohùn kúrò lára àwòrán, lẹ́yìn náà mo gbé e fún Demucs:

```
ffmpeg -i mama.mp4 -vn -ac 2 -ar 44100 mama.wav
demucs --two-stems=vocals mama.wav
```

Ẹ má fi mp3 ṣe é. Mp3 máa ń fi ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ síwájú ohùn, tẹ́ ẹ bá sì dá a padà sára àwòrán, ẹnu àti ọ̀rọ̀ kò ní bára mu mọ́. Wav tóbi lóòótọ́, tèmi lé ní mẹ́gábáìtì 110, ṣùgbọ́n ó péye. Kọ̀ǹpútà mi kò ní káàdì àwòrán tó lágbára, nítorí náà ó lo bí ogún ìṣẹ́jú. `--two-stems` kò mú un yára o: yóò ṣì pín in sí mẹ́rin ná, kó tó wá da mẹ́ta yòókù pọ̀. Fáìlì méjì ló gbé jáde sínú `separated/htdemucs/mama`, `vocals.wav` àti `no_vocals.wav`.

Ìṣẹ́jú mẹ́fà àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ràn jù. Kíbọ́ọ̀dù àti gìtá nìkan ni wọ́n fi bo ibẹ̀, Demucs sì kó wọn kúrò bí ẹni gbá ilẹ̀. Mo gbọ́ bí Màmá ṣe ń mí kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ ewúrẹ́ kan lẹ́yìn ilé. Bàbá mi fi íyápíìsì sí etí, kò sọ nǹkan kan, ó kàn ní kí n tún un gbé láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ìṣẹ́jú keje, ayàwòrán yí orin padà sí èyí tí olórin wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni Demucs ti dúró. Àwọn ohun èlò lọ, ṣùgbọ́n ohùn olórin wà pẹ̀lú ti Màmá, àwọn méjèèjì ń já lura wọn. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Ohùn ènìyàn ni wọ́n ní kó yọ, ohùn ènìyàn méjì ló sì rí. Kò mọ̀ pé ẹnìkan ń kọrin, ẹnìkejì ń ki oríkì. Bí orin tí wọ́n fi bo fídíò yín bá ní ẹni tó ń kọrin nínú, ẹ má retí pé irinṣẹ́ yìí máa gbà yín. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú-àáyá tí mo pàdánù síbẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kí àwa tí a ń sọ Yorùbá gbọ́ jù ni ti ìlù tó wà níbi ìkómọ náà fúnra rẹ̀. Onígángan kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni aláṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà. Gángan ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ohùn ènìyàn, ohun tí a sì fi ń lù ú náà nìyẹn. Demucs gbà á gbọ́. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí Màmá bá dákẹ́, ìdáhùn gángan á wà nínú `vocals.wav`, ó rọ̀, kò sì ní ẹnu mọ́, bí ẹni ń kùn.

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló burú jù, nítorí ìdàkejì ló ṣe. Ariwo rẹ̀ ṣe "ṣaa", ibẹ̀ gan-an sì ni "s" àti "ṣ" wa ń gbé. Bí Demucs ṣe ń gbá ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lọ, ó gbá wọn mọ́ ọn. Àmì ohùn kò yẹ̀ rárá, òkè wà lókè, ìsàlẹ̀ wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n níbì kan ń kò mọ̀ bóyá "sá" ni Màmá pè tàbí "ṣá". Nínú oríkì, ẹni tó sá lójú ogun àti ẹni tó ṣá ọ̀tá kì í ṣe ẹnìkan náà.

Ọ̀nà tí mo rí nìyí. Ohun tó bá sọnù lára `vocals.wav`, inú `no_vocals.wav` ló máa ń wà. Mo ṣí méjèèjì nínú Audacity, mo wá ibi tí ọ̀rọ̀ ti di rúdurùdu, mo sì dá díẹ̀ nínú èkejì padà síbẹ̀, fún ìwọ̀n ọ̀rọ̀ yẹn nìkan. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ padà díẹ̀, "ṣ" náà padà. "Ṣá" ni. Mo tún gbìyànjú `-n htdemucs_ft`, ẹ̀yà Demucs mìíràn tó ń lo ìlọ́po mẹ́rin àkókò. Ó tó wákàtí kan àti ààbọ̀ kó tó parí. Lẹ́tà "s" mọ́ díẹ̀ sí i, gángan kò yí padà. Fún fídíò tó ṣe pàtàkì bí èyí, ó tọ́ sí i. Fún ìwàásù tàbí ìkéde lásán, èyí àkọ́kọ́ ti tó.

Bí mo ṣe dá ohùn padà sára àwòrán láìfọwọ́ kan àwòrán nìyí, lẹ́yìn tí mo gbé `vocals.wav` tí mo tún ṣe wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ `mama.mp4`:

```
ffmpeg -i mama.mp4 -i vocals.wav -map 0:v -map 1:a -c:v copy -c:a aac mama2.mp4
```

Mo fún Demucs ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Ogójì ìṣẹ́jú-àáyá yẹn ló gba ọ̀kan tó kù. Àǹtí mi tó dàgbà lọ́dọ̀ Màmá mọ apá ibẹ̀ lórí. Ó ti kì í sínú fóònù fún mi ní ọjọ́ Àìkú, nínú yàrá tí kò sí orin, tí fáànù náà dúró.