Iyùn, ámbà àti òkúta lántánà: ohun tí ọwọ́, ojú àti omi máa sọ kí ẹ tó sanwó

Ẹni tó bá fẹ́ ra ìlẹ̀kẹ̀ fún ìgbéyàwó tàbí ìwúyè máa gbọ́ ìmọ̀ràn kan náà lẹ́nu gbogbo èèyàn: "Gbé e wò. Bó bá wúwo tó sì tutù, ojúlówó ni." Ìmọ̀ràn yìí wúlò díẹ̀ fún iyùn àti òkúta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gíláàsì náà wúwo, ó sì tutù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé ìmọ̀ràn yìí lọ sídìí ámbà, ojúlówó lẹ máa fi sílẹ̀, ayédèrú lẹ máa gbé wálé.

Ohun tó fà á kò ṣòro. Egungun ẹ̀dá kéékèèké inú òkun ni iyùn. Irú nǹkan tó wà nínú èèpo ẹyin ló wà nínú rẹ̀. Òkúta, òkúta náà ni. Àmọ́ oje igi àtayébáyé tó ti gan sínú ilẹ̀ ni ámbà, bí ike ló ṣe fúyẹ́, kì í sì í tutù lọ́wọ́. Nínú tábìlì yìí, "ìlọ́po omi" ni iye ìgbà tí nǹkan náà fi wúwo ju omi tó gba àyè kan náà.

| Ohun tí ẹ fẹ́ rà | Bó ṣe rí lọ́wọ́ | Ìlọ́po omi | Ayédèrú tó jọ ọ́ jù |
|---|---|---|---|
| Iyùn | ó tutù, ó wúwo | 2.6 sí 2.7 | gíláàsì. Lẹ́búlẹ́bú iyùn tí wọ́n fi résìn pò |
| Òkúta pupa | ó tutù, ó wúwo | bíi 2.6 | gíláàsì |
| Ámbà | ó lọ́wọ́ọ́wọ́, ó fúyẹ́ | 1.05 sí 1.10 | kópálì, àwọn ike kan |
| Ike àti résìn | ó lọ́wọ́ọ́wọ́, ó fúyẹ́ | bíi 1.05 sí 1.4 | |

Ẹ jẹ́ ká tètè kúrò lórí òkúta, nítorí òun ló rọrùn jù láti dá mọ̀. Lántánà pupa tí wọ́n mọ̀ mọ́ Ìlọrin le ju gíláàsì lọ. Bí ẹ bá gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ẹ fi etí ìlẹ̀kẹ̀ náà fa ìgò òfìfo. Òkúta máa ha ìgò náà. Ike kò ní lè ṣe é nǹkan kan. Ẹ fọwọ́ nu ibẹ̀ kó tó dá yín lójú, nítorí lẹ́búlẹ́bú lásán lè jọ ojú ìhà. Ti gíláàsì pupa ni kẹ́ ẹ fi ojú wá: ẹ gbé e sókè sí oòrùn, bí ẹ bá rí afẹ́fẹ́ róbótó kéékèèké nínú rẹ̀, iná ló yọ́ ọ, kì í ṣe ilẹ̀ ló bí i.

Ní ti ámbà, iyọ̀ ló máa ràn yín lọ́wọ́. Ẹ wọn omi 250 mílílítà sínú ife, ẹ da iyọ̀ 50 gíráàmù sí i, kẹ́ ẹ rò ó títí iyọ̀ á fi yọ́ tán. Ojúlówó ámbà á léfòó lójú omi yìí. Púpọ̀ nínú àwọn ike líle aláwọ̀ oyin tí wọ́n ń pè ní ámbà á rì lọ sísàlẹ̀. Ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ tí kò sí nínú okùn ni kẹ́ ẹ fi dán an wò, torí irin ìkọ́ ẹ̀gbà lè fa ojúlówó lọ sísàlẹ̀. Rírì dá ayédèrú mọ̀ dáadáa, àmọ́ léfòóléfòó kò tíì dá ẹnikẹ́ni láre. Kópálì, tí í ṣe oje igi tí kò tíì pẹ́ nínú ilẹ̀ tó ámbà, á léfòó pẹ̀lú, àwọn ike kan sì wà tó ń léfòó. Ẹ fi òwú kan omi tí a fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, èyí tó ní ásítóònù nínú, kẹ́ ẹ fi í kan ibi kọ́lọ́fín lára ìlẹ̀kẹ̀ náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá ń lẹ̀ mọ́ òwú, ẹ má ra á ní owó ámbà.

Iyùn ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Nígbà tí Àǹtí mi fẹ́ ra iyùn fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, èmi ni mo bá a lọ sọ́jà. Okùn méjì ni ìyá oníyùn náà kó síwájú wa, gígùn kan náà, àwọ̀ kan náà, èkejì sì dínwó díẹ̀. Ó fa láítà yọ, ó fi iná ra ẹyọ kan. "Mọmí, ẹ wò ó, iná ò mú un. Ike á ti yọ́." Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí ìdánwò yìí. Iná tó kàn ré kọjá kì í yọ́ ike ní wàràwéré, iná tó bá sì pẹ́ á ba ojúlówó gan-an jẹ́. Pabanbarì rẹ̀ ni pé òun fúnra rẹ̀ ló yan ẹyọ tó dáná sí.

Òṣùwọ̀n ìdáná kékeré kan wà nínú báàgì mi. Mo kọ́kọ́ gbé okùn kìíní lé e, ó jẹ́ 83 gíráàmù. Mo wá gbé ike omi lé òṣùwọ̀n, mo dá a padà sí òdo, mo fi òwú ìránṣọ so okùn iyùn náà, mo sì rì í sínú omi láìjẹ́ kó kan ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́. Òṣùwọ̀n sọ pé 32, ìyẹn ìwúwo omi tó gba àyè kan náà. Ẹ fi 32 pín 83, ẹ rí bíi 2.6. Èyí bá iyùn mu. Okùn kejì jẹ́ 66 gíráàmù lórí òṣùwọ̀n, 33 nínú omi. Ẹ fi 33 pín 66, 2 géérégé. Kì í ṣe ike lásán, kì í sì í ṣe iyùn. Ọwọ́ kò lè mọ̀ ọ́n, torí ó wúwo díẹ̀, ó sì tutù díẹ̀.

Ẹ gbọn okùn náà dáadáa nínú omi kí ẹ tó ka òṣùwọ̀n. Afẹ́fẹ́ tó bá sá pamọ́ sínú ihò ìlẹ̀kẹ̀ máa ń sọ ojúlówó di ẹlẹ́bi. Ẹyọ kan péré kò sì ṣe é wọ̀n lórí òṣùwọ̀n ìdáná, àfi odidi okùn.

Àǹtí mi ní bóyá wọ́n da ayédèrú pọ̀ mọ́ ojúlówó ni, torí àwọn kan máa ń to ojúlówó síwájú, wọ́n á sì fi ike sí ẹ̀yìn ọrùn níbi tí gèlè ń bò. A fi awò wo etí ihò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lára okùn kìíní, a rí ìlà tín-ín-rín tó ń lọ gbọọrọ bí ìlà ara igi, a rí ihò abẹ́rẹ́ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, àwọ̀ wọn kò sì dọ́gba tán. Gbogbo ẹyọ okùn kejì rí bákan náà: kò sí ìlà kankan, ojú wọn dán gbinrin, ara wọn sì rí bí ìyẹ̀fun tí a pò. Lẹ́búlẹ́bú iyùn tí wọ́n fi résìn mọ ni.

Kí ló dé tí n kò fi kán ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, bí àwọn kan ṣe ń ṣe? Lóòótọ́ ni iyùn máa ń hó bí omi ọsàn bá kàn án. Àmọ́ lẹ́búlẹ́bú náà ní iyùn nínú, òun náà lè hó díẹ̀, ọsàn sì máa ń jẹ dídán ojú iyùn. Bí ẹ bá máa lò ó rárá, ẹ̀kán kan ni, sí etí ihò, kẹ́ ẹ sì tètè ṣàn án nù. Gíláàsì nìkan ni mo máa ń fi ọsàn wá, nítorí òun ló súnmọ́ iyùn jù lórí òṣùwọ̀n, kì í sì í hó.

Ohun kan ṣì kù: iyùn funfun tí wọ́n rẹ láró pupa. Iyùn inú òkun ni òun náà, òṣùwọ̀n kò lè tú u fó, ọsàn náà kò lè tú u fó. Òwú tí a fi omi èékánná kàn ni mo fi nu okùn kìíní látẹ̀yìn. Òwú náà funfun kó tó kàn án, ó sì funfun lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà yẹn ni Àǹtí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.