Kíríátììnì fún ẹni tó ń gbé irin lẹ́yìn iṣẹ́: bó ṣe ń ṣiṣẹ́, bí a ṣe ń lò ó, àti èsì àyẹ̀wò tó ń já àwọn ènìyàn láyà

Ike tí mo ń ṣe àgbéyẹ̀wò rẹ̀ yìí jẹ́ ti kíríátììnì mónóháídíréètì lásán. Gíráàmù 300 ló wà nínú rẹ̀, kò ní adùn, kò ní àwọ̀, wọn kò po nǹkan kan mọ́ ọn. Irú rẹ̀ ni àwọn tó ń gbé irin ní Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀ máa ń dá owó jọ rà, tí wọ́n á wá pín. Èrò mi ni pé ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kò tó ariwo tí àwọn tó ń tà á ń pa. Ibi kan sì wà tó ti máa ń kó ìpayà bá ènìyàn, tí ẹni tó tà á kì í mẹ́nu bà: ibi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ ni màá pẹ́ sí jù.

Ara wa fúnra rẹ̀ ń ṣe kíríátììnì nínú ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín, bíi gíráàmù kan lójúmọ́. A tún ń rí díẹ̀ nínú ẹran àti ẹja. Inú iṣan ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń gbé. Tí ẹ bá gbé irin tó wúwo, agbára tó wà nílẹ̀ nínú iṣan kì í pẹ́ tán. Kíríátììnì ló ń tètè dá a padà ní nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá àkọ́kọ́. Tí èyí tó wà ní ìpamọ́ bá pọ̀ sí i, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń kọ̀ nígbà kẹjọ lórí bẹ́ǹṣì lè gbé e dé ìgbà kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá. Ìgbà kan tàbí méjì tó lé yẹn ni gbogbo àǹfààní rẹ̀. Tó bá ń rí bẹ́ẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, òun ló ń di iṣan. Ẹni tó ń là á mu láìgbé irin kò ní rí nǹkan kan ju omi tí iṣan rẹ̀ fà mọ́ra lọ. Ẹni tó jẹ́ pé eré ìje ọ̀nà jíjìn ló ń sá náà kò nílò rẹ̀, ìwọ̀n ara tó fi kún un lè máa dá a dúró ni.

Oúnjẹ ẹni ló ń sọ bí yóò ṣe rí ìyàtọ̀ tó. Nínú kílò kan ẹran màlúù tútù, kíríátììnì tó wà níbẹ̀ kò ju bíi gíráàmù 4 sí 5 lọ. Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú ẹran kan ṣoṣo lójúmọ́, ẹran tí kò ju gíráàmù 30 lọ: ohun tó ń rí níbẹ̀ kò tó ìdá márùn-ún gíráàmù kan. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, àti ẹni tí kì í jẹ ẹran rárá, ló máa ń mọ̀ ọ́n lára jù. Ẹni tó ń jẹ ẹran àti ẹja dáadáa láàárọ̀ lálẹ́, ìpamọ́ rẹ̀ lè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún tẹ́lẹ̀, nítorí náà ó lè lò ó fún oṣù méjì kó má rí ìyàtọ̀ kankan. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kó fi owó rẹ̀ ra ẹyin.

Ní ti ìlò rẹ̀, gíráàmù 3 sí 5 lójúmọ́ ti tó, ní ọjọ́ tí ẹ gbé irin àti ọjọ́ tí ẹ sinmi. Àwọn kan á ní kí ẹ kọ́kọ́ “kún” ara: gíráàmù 20 lójúmọ́, tí a pín sí ọ̀nà mẹ́rin, fún ọjọ́ márùn-ún. Kì í ṣe irọ́, iṣan máa ń kún láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àmọ́ gíráàmù 3 lójúmọ́ á dé ibi kan náà ní bíi ọjọ́ 28. Ẹ jẹ́ ká fi ike yìí ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún tí a fi kún ara á jẹ gíráàmù 100, ìyẹn ìdá mẹ́ta ike, 200 tó kù á wá tó ọjọ́ 40 ní gíráàmù 5 lójúmọ́. Ẹni tí kò kánjú, tó bẹ̀rẹ̀ ní gíráàmù 5, á lò ó fún ọjọ́ 60. Ìkánjú yẹn tún ní ìyà tirẹ̀: ẹni tó bá da gíráàmù 10 mu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè máa sáré lọ ilé ìgbẹ́, nítorí èyí tí ìfun kò tíì fà tán ń fa omi sínú ìfun. Mi ò rí ìdí tí ẹni tí kò lọ síbi ìdíje kankan fi nílò rẹ̀.

Ṣíbí tó wà nínú ike kò ṣeé gbọ́kàn lé. Ẹni kan á bù ú gẹgẹrẹ, ẹlòmíràn á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìwọ̀n kékeré tí àwọn tó ń ra góòlù ní Iléṣà ń lò ló dára jù fún un. Ẹ bu ṣíbí mẹ́wàá tó dọ́gba pẹ̀lú etí ṣíbí, ẹ wọ̀n gbogbo rẹ̀ pa pọ̀, kí ẹ pín in sí mẹ́wàá. Tó bá jẹ́ 42, ẹ mọ̀ pé 4.2 ni ṣíbí yín, ẹ kò sì ní wá ìwọ̀n mọ́ títí ike á fi tán.

Omi ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe àṣìṣe lé lórí. Lítà omi kan tí kò gbóná kò lè yọ́ ju bíi gíráàmù 14 lọ. Ẹni tó bá da gíráàmù 5 sínú ife kékeré á rí i tó rọ̀ sísàlẹ̀ bí iyanrìn, á mu omi orí rẹ̀, á sì ṣan ìyókù dànù. Omi inú ọ̀rá kan, tó jẹ́ sẹ̀ńtílítà 50, tó láti yọ́ ọ tán. Ẹ dà á sínú ìgò, ẹ mì í, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ tún mì í. Ẹ mu ún lọ́jọ́ náà. Ẹ má ṣe pò ó sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, pàápàá nínú zóbò tàbí omi ọsàn, nítorí nínú ohun tó kan, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa bàjẹ́. Àsìkò òjò máa ń jẹ́ kó dì nínú ike. Ìyẹn kò bà á jẹ́, ẹ fi ṣíbí gbígbẹ fọ́ ọ.

Ẹni tó rà á ní ìwọ̀n ọ̀rá, tí kò rí ike tàbí nọ́ńbà NAFDAC, lè fi omi gbígbóná dán an wò. Ẹ da gíráàmù 5 sínú ife omi gbígbóná kan. Kíríátììnì á yọ́, omi á sì mọ́ kedere. Tí omi bá funfun tó sì ń ki bí ògì, ìyẹ̀fun ni wọ́n lú mọ́ ọn. Tó bá dùn lẹ́nu, ṣúgà tàbí glúkóòsì wà níbẹ̀. Àyẹ̀wò yìí kò lè mú gbogbo àyédèrú, àmọ́ ó ń mú èyí tó rọrùn jù láti ṣe.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Lójoojúmọ́, díẹ̀ nínú kíríátììnì inú iṣan ń yí padà di ìdọ̀tí tí orúkọ rẹ̀ jọ tirẹ̀ bí ìbejì: kíríátínììnì. Kíndìnrín ló ń sẹ́ ẹ dànù sínú ìtọ̀. Nítorí pé kíndìnrín tó ń ṣàìsàn kì í lè sẹ́ ẹ dáadáa, iye kíríátínììnì tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń díwọ̀n ìlera kíndìnrín. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọ̀nà méjì ni iye yẹn lè gbà gòkè: bóyá kíndìnrín kò sẹ́ ẹ mọ́, tàbí èyí tó ń wọlé ló pọ̀ sí i. Nọ́ńbà tó jáde kò lè sọ èwo ni.

Ẹ jẹ́ ká mú ọkùnrin ẹni ọdún 30 kan, tó ń gbé irin lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Àyẹ̀wò tó ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀ kíríátììnì fi 88 hàn fún kíríátínììnì rẹ̀, ní ìwọ̀n máíkírómóòlù nínú lítà kan. Lẹ́yìn oṣù méjì, ibi iṣẹ́ ní kó tún lọ ṣe àyẹ̀wò. Ọjọ́ Sátidé ló gbé ẹsẹ̀ tó wúwo, alẹ́ Sọ́ńdè ló jẹ ẹran àsè tó pọ̀, àárọ̀ Mọ́ńdè ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Èsì ní 115. Nínú ìṣirò tí wọ́n ń fi ọjọ́ orí àti nọ́ńbà yìí ṣe, agbára ìsẹ́ kíndìnrín rẹ̀ dà bíi pé ó jábọ́ láti nǹkan bíi 104 sí 76. Ẹni tó bá rí i lórí ìwé lásán á ní kíndìnrín ti ń lọ. Bẹ́ẹ̀, ohun mẹ́ta ló pàdé lọ́jọ́ kan: kíríátììnì tó ń lò, iṣan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ líle, àti ẹran sísè, tí iná ti sọ apá kan kíríátììnì inú rẹ̀ di kíríátínììnì kó tó dé ẹnu.

Kò yẹ kó sinmi lé ìyẹn kó máa lọ, nítorí ó lè jẹ́ àìsàn lóòótọ́. Kó dá kíríátììnì dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, àkókò tí iṣan ń gbà padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kó má gbé irin fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó lọ, kó má sì jẹ ẹran ní alẹ́ tó ṣáájú. Lẹ́yìn náà kó tún ẹ̀jẹ̀ ṣe, kó fi àyẹ̀wò ìtọ̀ fún pùrótéènì kún un, kó sì ní kí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀. Àyẹ̀wò ìtọ̀ yẹn ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí kíríátììnì kì í fi pùrótéènì sínú ìtọ̀. Tí nọ́ńbà bá padà sí ìtòsí 88, tí ìtọ̀ mọ́, tí ìfúnpá dára, ìbẹ̀rù ti tán. Tí nọ́ńbà bá dúró lókè, tàbí tí pùrótéènì bá yọ nínú ìtọ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti jíìmù. Kó lọ rí dókítà kíndìnrín ní ilé ìwòsàn ńlá. Àyẹ̀wò mìíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní sísítátìnì C, tí ìwọ̀n iṣan àti kíríátììnì kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣì lọ́nà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo lábù ló ń ṣe é.

Fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ dá pé, ìwádìí tó ti pọ̀ kò fi hàn pé gíráàmù 3 sí 5 lójúmọ́ ń bà á jẹ́. Àwọn tó yẹ kó kọ́kọ́ rí dókítà ni ẹni tó ti ní àìsàn kíndìnrín tàbí tó ní kíndìnrín kan ṣoṣo, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, àti ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, nítorí àìsàn yẹn máa ń kọ lu kíndìnrín láti ìgbà èwe. Mo fi àwọn tó ń lo dàíkílófénákì tàbí íbúpúrófẹ́nì léraléra nítorí ìrora ara lẹ́yìn jíìmù kún wọn, àti àwọn tó ń mu àgbo tí wọn kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní tiwọn, oògùn yẹn àti àgbo yẹn gan-an ló lè máa pa kíndìnrín lára, kíríátììnì á sì jẹ́ kó ṣòro láti mọ̀ lórí èsì. Aboyún, ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Tí ẹ bá ń lò ó tí wọ́n sì fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ yín fún ohunkóhun, ẹ sọ ọ́ kí abẹ́rẹ́ tó wọlé, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù: “Ó ń lo kíríátììnì, gíráàmù 5 lójúmọ́, láti ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.”