Igba méjì, irinwó ìgbà: ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù kan ní síláìdì kòkó kí wọ́n sọ ọ́ di fídíò

Ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Ìjerò-Èkìtì ni. Mo ti yá tẹlifíṣọ̀n ńlá, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn ògiri, àgbẹ̀ oníkòkó bí ogójì ti jókòó, mo sì ń rìn bí ìyàwó ojú ọ̀nà nítorí èmi akọ̀wé ni mo ní kí a máa fi fídíò kọ́ ara wa níṣẹ́. Ohùn ọmọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀, ó dùn bí ohùn oníròyìn rédíò. Ó ní, “Lónìí, lórí kókò ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.”

Kókò! Èyí tí à ń sè jẹ. Mo kọ́kọ́ rò pé etí mi ni. Àṣé wẹ́rẹ́ ṣì nìyẹn. Ó dé ibi tí mo kọ “Ojo mefa” àti “Yiyi: igba meji”, ó sì kà á gaara pé kí a yí kókò ní igba méjì. Bàbá Alága wa, tó ti ń ta kòkó kí wọ́n tó bí mi, ṣí fìlà, ó nu iwájú orí, ó ní, “Akọ̀wé, igba lọ́nà méjì, ṣebí irinwó nìyẹn? Irinwó ìgbà la ó yí i láàárín ọjọ́ mẹ́fà? Ìgbà wo la ó sùn?”

Ẹ̀rín bú. Ẹ̀rín ọ̀hún kò tíì rọlẹ̀ tí ohùn náà tún fi ní, “Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ síwájú sí síláìdì tó kàn.” Síláìdì mẹ́rìnlá ni mo fún wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹtàlá ló sọ gbólóhùn yẹn. Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀keje, àwọn ìyá tó jókòó sẹ́yìn ti ń bá a pè é bí ègbè orin.

Ohun tí mo san owó fún nìyí. Ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Adó-Èkìtì, wọ́n máa ń gba síláìdì lọ́wọ́ ènìyàn, wọ́n á sọ kókó ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ di síkíríìpù, ìyẹn ìwé tí ẹni tó ń fi ohùn sílẹ̀ máa kà, wọ́n á sì wá ẹni tó máa kà á. Ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lórí síláìdì kan. N21,000 ni tèmi, láì ka owó ohùn mọ́ ọn. Mi ò ní dárúkọ wọn, àmọ́ mo ní ẹjọ́ láti rò.

Lọ́jọ́ kejì ìpàdé ni mo wọ mọ́tò lọ sí Adó. Ọ̀gá ibẹ̀ ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, “Mọ́mì, ohun tó wà nínú síláìdì yín la kà. Ẹ̀yin lẹ ò fi àmì ohùn sí i.” Inú mi ru, pàápàá torí pé òótọ́ ni. Mo tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, mi ò fi àmì kankan sí i. Ṣùgbọ́n àwòrán kòkó wà lórí síláìdì kìíní, èso rẹ̀ pupa rẹ̀bẹ̀tẹ̀ lára igi! Ta ló rí kókò lára igi rí? Mo ní kó dá owó mi padà. Ó ní wọn kì í dá owó padà. Mo ní mi ò ní dìde níbẹ̀. Ó ní kí n máa jókòó, kí n mu omi. Omi náà ò tutù.

Ibi tí mo jókòó yẹn ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Arábìnrin kan wà ní tábìlì igun, ó kéré sí mi dáadáa, ó ń jẹ gúgúrú. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n wo síláìdì yẹn.” Ó tẹ̀ wọ́n jáde, ó tẹ́ ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá sórí ilẹ̀ bí ẹni tó ń sá èlùbọ́, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Kí ló dé tí èyí fi tẹ̀ lé èyí?”

Mo ní báwo ni? Ó ní kí n mú èyíkéyìí nínú wọn, kí n sọ ìdí tó fi wà lẹ́yìn èkejì rẹ̀. Ó ní bí mo bá lè fi “nítorí náà”, tàbí “ṣùgbọ́n”, tàbí “lẹ́yìn ìyẹn” so wọ́n pọ̀, okùn wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ “bákan náà” nìkan ló bá a mu, a kàn to nǹkan síra ni, ohùn tó bá kà á á sì máa já gẹ̀gẹ̀-gẹ̀gẹ̀ bí mọ́tò tó ń bọ́ sí kòtò.

A bẹ̀rẹ̀. Ìkórè, lẹ́yìn ìyẹn fífọ́. Fífọ́, lẹ́yìn ìyẹn bíbò. Bíbò, ṣùgbọ́n omi ṣì wà nínú rẹ̀, nítorí náà sísá. A rìn dáadáa títí a fi dé síláìdì kẹsàn-án, “Iye owo ati ipele koko”, tí mo fi sáàárín sísá àti kíkó pamọ́. Mo wò ó lọ, mo wò ó bọ̀. Mi ò rí ìdí kankan. Ibi tí àyè wà ni mo fi í sí. Arábìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ibi tí ènìyàn ò bá ti rí ọ̀rọ̀ tó máa fi so méjì pọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ló wọ́n, ètò ló wọ́. Ó ní torí ẹ̀ ni ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é fi ń sá sí abẹ́ “síláìdì tó kàn”. Ó gbé ìkẹsàn-án lọ síwájú pátápátá, ó fi bẹ̀rẹ̀: kí ló dé tí àpò kòkó méjì láti oko kan náà fi ń gba owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀? Gbogbo ìyókù wá di ìdáhùn.

Mo fẹ́ kí ẹ rí ibì kan bó ṣe rí gan-an. Síláìdì kẹfà mi rèé, lẹ́yìn tó ti bá mi fi àmì sí i:

Bíbò kòkó
• Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀
• Ọjọ́ mẹ́fà
• Yíyí: ìgbà méjì
• Ooru

Ẹni àkọ́kọ́ kọ ọ́ báyìí: “A máa ń lo ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ni. A máa ń yí i ní igba méjì. Ooru ṣe pàtàkì. Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ síwájú.” Ó kàn fi ọ̀rọ̀-ìṣe há ẹnu kókó kọ̀ọ̀kan ni. Ọmọ Èkìtì ni mí, mo mọ iyán tó ní kókó bí mo bá fọwọ́ kàn án.

Arábìnrin náà ò kọ nǹkan kan títí ó fi gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu mi. Kí ni ewé ń ṣe? Mo ní ó ń di ooru mú, òkìtì lè gbóná dé bí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì 45 sí 50, ooru yẹn ló ń pa hóró kó má hù mọ́, tó sì ń ṣí ọ̀nà fún adùn ṣokoléètì. Kí ló dé tí a fi ń yí i? Mo ní kí afẹ́fẹ́ lè wọ àárín, kí ti ìsàlẹ̀ àti ti ẹ̀gbẹ́ náà lè gbóná. Báwo ni mo ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó? Mo ní tí a bá la hóró tó ti gbẹ, àwọ̀ ilẹ̀ ló yẹ kó ní nínú. Tó bá jẹ́ àwọ̀ eérú, kò jinná. Ó wá kọ ọ́ báyìí:

“Tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, kó hóró tútù lé e, fi ewé bò ó pa. Má ṣe ṣí i wò títí di ọjọ́ kejì. Nígbà tó o bá ṣí i, ooru á kọ lù ọ́ lójú. Ooru yẹn lò ń wá. Ṣùgbọ́n àárín ló pọ̀ sí, ẹ̀gbẹ́ ṣì tutù. Nítorí náà, yí i, kí ti ẹ̀gbẹ́ bọ́ sí àárín. Ọjọ́ méjì sí i, yí i lẹ́ẹ̀kejì. Ní ọjọ́ kẹfà, ooru á ti máa rọlẹ̀. Ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ohun kan ni kò lè ṣe: kò lè gba omi kúrò nínú hóró. Ta ló máa gbà á?”

Àwòrán oòrùn lórí ẹní sísá ló tẹ̀ lé e. Kò sí “síláìdì tó kàn” níbì kankan. Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn ló ti ilẹ̀kùn, òun náà ló ṣí òmíràn. Ó kìlọ̀ fún mi pé a kì í fi ìbéèrè parí gbogbo abala, torí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré létí máa gbà á kó tó di ègbè. Àwọn tó kù, ó fi nǹkan tí ojú ń rí so wọ́n: àpò òfìfo ní ìparí sísá, àpò kan náà tó ti kún ní ìbẹ̀rẹ̀ kíkó pamọ́.

Ó yọ kókó inú síláìdì kúrò lójú fídíò, ó fi àwòrán nìkan sílẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ń kàwé kò lè máa gbọ́ ohùn lẹ́ẹ̀kan náà. “7.5%” tó jẹ́ ìwọ̀n omi tó yẹ kó kù, ó kọ ọ́ sínú ìwé olóhùn ní ọ̀rọ̀ gígùn, ìdá méje àtààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì fi ohun tí àgbẹ̀ ń ṣe tẹ̀ lé e: di hóró mọ́ ọwọ́, fún un pọ̀, kó dún páropàro. A kà á sókè pẹ̀lú aago. Mi ò lè ka abala sísá tán láì mí lẹ́ẹ̀mejì ní ibi tí kò yẹ, ó sì gé gbólóhùn mẹ́ta níbẹ̀ lójú mi. Fífọ́ àti ìkórè di abala kan. Síláìdì mẹ́rìnlá di abala mẹ́sàn-án.

Mo ti gbàgbé ìbínú mi. Mo ti ń ronú bí mo ṣe máa gbé iṣu wá fún ọmọ yìí. Ìgbà yẹn ni ọ̀gá jáde pẹ̀lú ìwé owó: “Àtúnṣe, síláìdì mẹ́rìnlá, N21,000.” Mo ní mẹ́sàn-án ló kù. Ó ní mẹ́rìnlá ló wọlé. Mo ní àṣìṣe yín kọ́ ni? Ó ní àmì ohùn, Mọ́mì. A fà á, a fà á, mo san N12,000, ó sì ṣe bíi pé ó ṣe mí lóore. Arábìnrin náà ò lè wò mí lójú. Kò dùn mọ́ mi nínú títí di òní.

A tún fídíò náà ṣe, ọmọkùnrin olóhùn yẹn kan náà ló kà á, pẹ̀lú àmì lórí gbogbo ọ̀rọ̀. Kò ṣi ẹyọ kan. Bàbá Alága wò ó parí, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ní kí n fi ránṣẹ́ sórí Wasáàpù fún ọmọ wọn tó wà lóko.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Síláìdì mọ́kànlá lórí kòkó tó ń dúdú lórí igi nígbà òjò wà lọ́wọ́ wọn báyìí, tàmì-tàmì. Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa lọ gbà á, lọ́wọ́ arábìnrin tábìlì igun.